Ọfà máòsì tí àwọn ará ẹ̀yìn ò rí lórí pírójẹ́kítọ̀: kí lẹ ń ṣe sí i?

Àǹtí Ráyọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn olùkọ́ ilé ìwé ni mò ń kọ́ ní kọ̀ǹpútà, pàápàá bí wọ́n ṣe lè fi Excel ṣe àkójọ máàkì àwọn ọmọ. Gbọ̀ngàn tí wọ́n fún wa gùn, fèrèsé kún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kọ́tìnì tó wà níbẹ̀ ò sì dí ìmọ́lẹ̀ kankan. Bí mo bá ti sọ pé "ẹ wá sí ibí yìí, kí ẹ tẹ̀ ẹ́", àwọn tó wà lẹ́yìn á dáhùn pé "ibo nìyẹn, ma?" Wọ́n ń rí nọ́ńbà tó wà nínú tábìlì, wọ́n ń rí orúkọ àwọn ọmọ. Ọfà máòsì gan-an ni wọn ò rí. Bí mo bá wá ń jù ú síbí jù ú sọ́hùn-ún kí wọ́n lè rí i, orí wọn á tún wá dàrú sí i.

Windows 11 ló wà lórí láàpútọ́ọ̀pù mi. Pírójẹ́kítọ̀ náà kì í ṣe tèmi, ti gbọ̀ngàn ni. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè sọ ọfà yìí di ńlá kí n sì kùn ún ní àwọ̀ míì? Àwọ̀ wo ló sì dáa jù?

Táyọ̀ Ẹlẹ́rọ

Ẹ kú iṣẹ́, ma. Èyí ò le rárá. Ẹ tẹ Windows àti I pọ̀, Settings á ṣí. Ẹ lọ sí Accessibility, kí ẹ wá tẹ Mouse pointer and touch. Ọfà mẹ́rin lẹ máa rí níbẹ̀: funfun, dúdú, Inverted, àti Custom. Custom ni kí ẹ mú, òun ló máa jẹ́ kí ẹ lè yan àwọ̀ tó bá wù yín. Ìlà Size wà nísàlẹ̀ rẹ̀, láti 1 títí dé 15. Ẹ fà á lọ sí 15, kí ẹ mú yẹ́lò. Kò sẹ́ni tí ò ní rí i, kódà ẹni tó wà níta.

Ẹni tó bá ṣì ń lo Windows 10, Ease of Access ni wọ́n ń pe ibẹ̀ lọ́dọ̀ tiẹ̀, Mouse pointer ló sì máa tẹ̀.

Alágbàṣe Pírójẹ́kítọ̀

Ọ̀nà tí Táyọ̀ fi hàn yín ni ọ̀nà náà, mi ò ní àríyànjiyàn kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Àǹtí, ẹ má mú 15, ẹ má sì mú yẹ́lò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti bó ṣe máa tóbi tó. Nígbà tí ọfà bá wà ní 1, inú àpótí kékeré kan tó jẹ́ píksẹ́lì 32 níbùú àti lóròó ni Windows ń yà á sí, ọfà fúnra rẹ̀ ò sì ju nǹkan bíi píksẹ́lì 19 lọ ní gígùn. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gbé lórí ìlà yẹn ń fi 16 kún àpótí náà: 2 jẹ́ 48, 3 jẹ́ 64, títí dé 15 tó jẹ́ 256. Ẹ wá fojú Excel wò ó. Bí ẹ ò bá tíì sún Excel tóbi, ìlà kan nínú tábìlì jẹ́ píksẹ́lì 20 ní gíga. Bí ẹ bá gbé ọfà sí 15, gígùn rẹ̀ ti di nǹkan bíi 152, ìyẹn ni pé ó bo ìlà méje ó lé. Ẹ fẹ́ fi máàkì Báyọ̀ hàn wọ́n, ẹ ti bo ti àwọn ọmọ mẹ́fà tó tẹ̀ lé e. Láàárín 4 sí 6 ló dáa jù fún irú iṣẹ́ yín. Ní 5, ọfà á gùn tó ìlà bíi mẹ́ta, ìyẹn ṣeé fara dà.

Ẹ tún fi aṣọ pírójẹ́kítọ̀ ṣírò rẹ̀. Ká ní aṣọ náà fẹ̀ tó mítà méjì, pírójẹ́kítọ̀ sì jẹ́ ti 1280 lọ sí 800 tó wọ́pọ̀ ní gbọ̀ngàn. Píksẹ́lì kan á fẹ̀ tó mìlímítà kan àti ààbọ̀. Ọfà tó wà ní 1 á wá gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta péré lórí aṣọ. Ẹni tó jókòó ní mítà méjìlá ò lè máa fi ojú lé nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń rìn. Ní 5, ó ti di sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án.

Ní ti àwọ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò rò ni pé pírójẹ́kítọ̀ ò ní dúdú. Ìmọ́lẹ̀ ló ń yọ. Ibi tó bá dúdú lórí láàpútọ́ọ̀pù yín, ṣe ni pírójẹ́kítọ̀ kàn ń dí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, àwọ̀ tí aṣọ náà ní lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ fèrèsé lẹ máa rí. Nínú gbọ̀ngàn tí oòrùn ń wọ̀, "dúdú" yín ti di eérú. Ojú Excel sì rèé, funfun ni. Ìmọ́lẹ̀ yẹ́lò ò jìnnà sí ti funfun, bí ẹ bá gbé e lé funfun, ọfà náà á rá mọ́ ọn. Ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tí Windows ń fi yí i ká nìkan ló máa ṣẹ́ kù, ìlà yẹn náà á sì ti di eérú. Àwọ̀ tó ṣókùnkùn tó sì tún ní pupa tàbí àlùkò nínú lẹ fẹ́: pínǹkì tó ki dáadáa, tàbí pupa tó jinlẹ̀. Irú pínǹkì bẹ́ẹ̀ ò sí nínú bọ́tìnnì Excel, torí náà ohunkóhun míì ò lè jọ ọ́.

Táyọ̀ Ẹlẹ́rọ

Ẹ̀gbọ́n, yẹ́lò ni mò ń lò látọjọ́ yìí, ó sì ń hàn ketekete. Mi ò mọ irú pírójẹ́kítọ̀ tí ẹ̀yin ń gbé kiri.

Alágbàṣe Pírójẹ́kítọ̀

Kí lo máa ń fi hàn wọ́n? Mo fẹ́ mọ̀ bóyá orí ojú ewé dúdú ni.

Táyọ̀ Ẹlẹ́rọ

Kóòdù ni mò ń kọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, ojú dúdú ni mo ń lò.

Alágbàṣe Pírójẹ́kítọ̀

Ó tán. Lórí dúdú, yẹ́lò ni ọba. Ti Àǹtí ń bẹ lórí funfun. Ká kọ́kọ́ wo ohun tí ọfà máa dúró lé kí a tó mú àwọ̀.

Ìyá Kọrin

Ẹ kú ìjíròrò o. Tèmi tiẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín. Èmi ni mò ń bójú tó pírójẹ́kítọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọ̀rọ̀ orin ni mo máa ń gbé síta. Ọfà máòsì yìí ló máa ń yọjú sí àárín orin, á dúró síbẹ̀ bí àlejò tí wọn ò pè. Ẹ̀yin ń wá bó ṣe máa tóbi, èmi ń wá bí mo ṣe máa lé e lọ. Ẹ bá mi dá sí i.

Adé Agege

Ìyá Kọrin, bó bá jẹ́ PowerPoint ni, tí ẹ bá ti wọnú Slide Show, ẹ tẹ Ctrl àti H, ọfà á pamọ́, kódà bí ọwọ́ bá kan máòsì kò ní jáde. Bí ẹ bá ń fẹ́ ẹ padà, Ctrl àti A ni.

Tí kì í bá ṣe PowerPoint, ẹ tẹ Windows àti P, kí ẹ mú Extend. Aṣọ pírójẹ́kítọ̀ á di ojú kejì, ẹ lè fi máòsì sílẹ̀ lórí láàpútọ́ọ̀pù tiyín kó má débẹ̀ rárá.

Bàbá Lẹ́ṣọ̀

Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Kí ló dé tí ẹ ń ṣe wàhálà? Iná pupa kékeré tí wọ́n ń tà ní ibi tí wọ́n ti ń ta nǹkan ìkọ̀wé yẹn, ẹ fi nà án sí ara ògiri, ó tán. Ọdún tí mo ti ń lò ó ti pẹ́.

Àǹtí Ráyọ̀

Ẹ ṣé, sà. Mo ní iná pupa yẹn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọwọ́ mi ti wà lórí máòsì. Mo ní láti tẹ bọ́tìnnì kí wọ́n rí i pé ó ṣí, kí n sì tẹ nọ́ńbà. Bí mo bá gbé iná dání, màá máa gbé e sílẹ̀ máa gbé e dání ni. Yàtọ̀ síyẹn, mo fẹ́ kí ojú wọn mọ́ ọfà, torí pé ọfà làwọn náà máa lò bí wọ́n bá délé.

Sẹ́gun tí ò mọ pupa

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi lórí iná pupa. Èmi wà lára àwọn ọkùnrin tí ojú wọn ò mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Tí ẹ bá nà iná pupa sí ara ògiri nínú gbọ̀ngàn tó mọ́lẹ̀, èmi ò rí nǹkan kan. Pínǹkì tí Alágbàṣe ń sọ yẹn náà, bí kò bá ṣókùnkùn dáadáa, lójú tèmi ó lè jọ eérú. Ohun tí irú wa ń fi mọ nǹkan ni bóyá ó ṣókùnkùn tàbí ó mọ́lẹ̀ ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Orúkọ àwọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ kàn wá.

Bí Àǹtí bá fẹ́ mọ̀ dájú, kí wọ́n gbé ọfà sí àárín tábìlì, kí wọ́n rìn lọ sí ìjókòó tó kẹ́yìn pátápátá, kí wọ́n fi fóònù ya aṣọ pírójẹ́kítọ̀ ní fọ́tò. Kí wọ́n wá sọ fọ́tò yẹn di dúdú àti funfun nínú fóònù. Tí ọfà bá ṣì hàn, gbogbo wa la máa rí i. Tó bá ti sọnù, àwọ̀ nìkan ló ń gbé e ró.

Alágbàṣe Pírójẹ́kítọ̀

Ọ̀rọ̀ Sẹ́gun yìí dáa gan-an. Ẹ kàn fi kún un pé àlùkò tó ṣókùnkùn ni kí ẹ mú dípò pínǹkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Lábẹ́ Custom, Choose another color lẹ máa tẹ̀ kí ẹ tó rí i, torí àwọn àwọ̀ tí wọ́n tò síta níbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló mọ́lẹ̀ gbòò.

Ohun kan tún wà tí ẹ máa rí bí ẹ bá débẹ̀. Ọ̀pọ̀ pírójẹ́kítọ̀ olówó pọ́ọ́kú ló jẹ́ DLP, wọ́n ní dígí aláwọ̀ kan tó ń yí ní inú. Apá kan dígí náà funfun, kí funfun lè mọ́lẹ̀ dáadáa. Ìyẹn ló fà á tí funfun fi ń tàn yanran tí àwọ̀ sì ń ṣú. Pupa tó dáa lórí láàpútọ́ọ̀pù yín lè di bíi ọsàn tó ti jóná lórí aṣọ. Lórí ojú funfun ti Excel, ṣíṣú yẹn tiẹ̀ ń ràn yín lọ́wọ́ ni. Lórí ojú dúdú ló ti máa di wàhálà. Torí náà, ẹ má mú àwọ̀ nílé kí ẹ sọ pé ó ti parí. Orí aṣọ ni kí ẹ ti mú un.

Adé Agege

Kí ló dé tí kò sẹ́ni tó dárúkọ Inverted? Ó ń yí àwọ̀ padà fúnra rẹ̀. Bó bá wà lórí funfun á di dúdú, bó bá wà lórí dúdú á di funfun. Kò sí pé à ń mú àwọ̀ mọ́.

Alágbàṣe Pírójẹ́kítọ̀

Ó dáa títí tó fi dé orí eérú. Ìṣirò tí Inverted ń ṣe ni pé ó ń yọ nọ́ńbà àwọ̀ kúrò lára 255. Funfun jẹ́ 255, ó di 0, ìyẹn dúdú. Eérú tó wà láàárín jẹ́ 128, ó di 127. Ọfà àti ibi tó dúró lé á wá di ọ̀kan náà, ọfà á wọlẹ̀. Bí ẹ bá ń fi fọ́tò hàn wọ́n, á máa pòórá bó bá ti ń kọjá lórí ibi tí kò dúdú tí kò funfun. Fún Excel tó funfun látòkè délẹ̀, ṣàṣà ni ẹ máa bá èyí pàdé. Mi ò sọ pé kó má lò ó o.

Àǹtí Ráyọ̀

Mo ti lọ sí gbọ̀ngàn náà lánàá kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Mo gbé e sí 5, mo mú àlùkò tó ṣókùnkùn. Bí mo bá gbé e sí orí àwọn bọ́tìnnì tó wà lókè Excel, mo rí i láti ẹ̀yìn pátápátá, fọ́tò tí Sẹ́gun ní kí n yà náà gbè mí.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ sínú tábìlì, ọfà ò sí mọ́. Ó di àgbélébùú funfun kan, kò tóbi, kò sì gba àwọ̀ tí mo kùn. Ibi tí mo nílò rẹ̀ jù gan-an ló ti sọnù. Ṣé kọ̀ǹpútà mi ló ń ṣe mí ni?

Alágbàṣe Pírójẹ́kítọ̀

Kọ̀ǹpútà yín ò ní àrùn. Windows ló ń ya ọfà, ó sì ń fún gbogbo ètò tó bá béèrè. Àwọn ètò kan kì í béèrè, wọ́n ní àwòrán tiwọn tí wọ́n ń lò. Àgbélébùú Excel wà lára irú ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni búrọ́ọ̀ṣì inú àwọn ètò tí wọ́n fi ń ya àwòrán. Ohunkóhun tí ẹ bá yí padà nínú Settings, wọn ò ní í gbọ́. Ó burú jù fún yín torí pé funfun lórí funfun ni, ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ ló yí i ká.

Ohun tí mò ń ṣe fún àwọn oníbàárà mi ni pé mò ń fi PowerToys sí i. Microsoft fúnra wọn ló ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, ó wà nínú Microsoft Store. Nínú rẹ̀, ẹ wá Mouse utilities. Mẹ́ta ló wúlò fún yín níbẹ̀. Find My Mouse: ẹ tẹ Ctrl ọwọ́ òsì lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, gbogbo ojú kọ̀ǹpútà á ṣókùnkùn, iná kan á sì tàn yí ibi tí máòsì wà ká. Mouse Highlighter: ẹ tẹ Windows, Shift àti H, bí ẹ bá ti ń tẹ máòsì, ẹgbà aláwọ̀ kan á máa yọ níbẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ti tẹ̀ ẹ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún Excel ni Mouse Pointer Crosshairs. Ẹ tẹ Windows, Alt àti P, ìlà méjì á gba ojú kọ̀ǹpútà kọjá, ọ̀kan nàró, ọ̀kan dùbúlẹ̀, wọ́n á sì pàdé níbi tí máòsì wà.

Ẹ wò ó bó ṣe bá tábìlì mu. Ìlà tó nàró á lọ bá lẹ́tà tó wà lókè, D ká ní bẹ́ẹ̀. Èyí tó dùbúlẹ̀ á lọ bá nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, 14. Ẹni tó wà lẹ́yìn á kan wo etí tábìlì, á mọ̀ pé D14 lẹ ń sọ. Kò tiẹ̀ ní láti rí ọfà. Àwọ̀ ìlà náà àti bó ṣe ki tó wà nínú PowerToys, ẹ lè mú àlùkò yẹn náà.

Ìyá Ìbejì Ìkirè

Alágbàṣe, mo gbà fún yín, ṣùgbọ́n ìlà méjì tó ń gbá kiri lójú gbogbo ìgbà, ó ń rẹ ojú. Mo ti jókòó nínú kíláàsì tí wọ́n fi sílẹ̀ láti àárọ̀ dọ́sàn-án. Bí olùkọ́ bá ti mi máòsì díẹ̀, gbogbo ojú aṣọ á máa jó. Bí ẹ bá máa lò ó, ẹ tàn án nígbà tí ẹ bá fẹ́ nàka sí nǹkan, kí ẹ sì pa á lẹ́yìn náà.

PowerToys sì tóbi, ó ń jẹ dátà. Ẹni tí kò bá ní íńtánẹ́ẹ̀tì níbi tó wà lè lo èyí tó ti wà nínú Windows látìgbà pípẹ́. Ẹ tẹ Windows àti R, kí ẹ kọ èyí:

```
main.cpl
```

Ẹ tẹ Enter. Ní Pointer Options, ẹ máàkì Show location of pointer when I press the CTRL key. Láti ìgbà náà, bí ẹ bá ti tẹ Ctrl tí ẹ sì fi sílẹ̀, òrùka á súnkì wá sórí máòsì. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí àgbélébùú Excel náà, torí pé kì í ṣe ọfà ló ń yí padà.

Mo mọ̀ pé òrùka náà tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í pẹ́ lójú. Ó sàn ju òfo lọ.

Adé Agege

Èmi ń lo ZoomIt. Fáìlì kékeré ni, ẹ ò ní í fi sórí kọ̀ǹpútà, ẹ kàn máa ṣí i ni. Ctrl àti 1, ojú kọ̀ǹpútà á sún mọ́ wọn, ibi tí máòsì bá ń lọ lòun náà á máa tẹ̀ lé. Ctrl àti 2, ẹ lè fi máòsì fa ìlà pupa yí nǹkan ká. Nígbà tí gbogbo nǹkan bá ti tóbi, kí la tún ń wá ọfà fún?

Ìyá Ìbejì Ìkirè

Adé, inú Excel la wà o! Ctrl àti 1 ni Format Cells níbẹ̀. Àǹtí Ráyọ̀ á fẹ́ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yí nọ́ńbà padà sí ọjọ́, á tẹ Ctrl àti 1, gbogbo ojú kọ̀ǹpútà á fò dé iwájú wọn.

Adé Agege

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ lè yí bọ́tìnnì náà padà nínú ZoomIt fúnra rẹ̀. Ctrl àti 8 lèmi ń lò.

Táyọ̀ Ẹlẹ́rọ

Ctrl àti 8 náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe nínú Excel 😂

Ṣadé Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mac ni tèmi, kí n sọ fún àwọn tó bá ń lò ó. System Settings, Accessibility, Display, lẹ́yìn náà Pointer. Ìlà Pointer size wà níbẹ̀, àwọ̀ méjì lẹ sì lè yàn: ti inú ọfà àti ti etí rẹ̀. Láti macOS Monterey ti ọdún 2021 ni àwọ̀ yìí ti wà, ẹni tó bá ní èyí tó ṣáájú ìyẹn á rí bó ṣe lè tóbi, kò ní rí àwọ̀. Èmi fi pínǹkì sí inú, mo fi funfun sí etí. Funfun tó wà létí yẹn ló ń gbà mí nígbà tí mo bá bọ́ sórí fọ́tò.

Bí ẹ bá sì fi ìka mi máòsì kíákíá, ọfà Mac á tóbi fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ má gbára lé e níwájú èèyàn. Ẹ̀yin lẹ máa rí ọfà, àwọn á ti sọnù nínú mímì yẹn.

Ìbéèrè kan wà lọ́kàn mi. Bí mo bá ń kọ́ àwọn èèyàn lórí Zoom, mo gbé ọfà mi tóbi, ẹnì kan ní òun rí ńlá, ẹlòmíì ní kékeré lòun ń rí. Ta ló mọ ìdí rẹ̀?

Àǹtí Ráyọ̀

Mi ò mọ ti Zoom, Àǹtí Ṣadé. Mo lo ìlà méjì yẹn lónìí, mo sì ṣe bí Ìyá Ìbejì ṣe wí, mo ń tàn án mo ń pa á. Mo tún sún Excel dé 150, àwọn ìlà wá ga sí i, ọfà ò fi bẹ́ẹ̀ bo nǹkan mọ́. Ẹnì kan lẹ́yìn ló kọ́kọ́ pe D14 kí n tó pè é. Ẹ ṣé púpọ̀.

Ó ku ẹyọ kan. Mo gbìyànjú Extend tí Adé sọ fún Ìyá Kọrin, kí àkọsílẹ̀ mi lè wà lọ́dọ̀ mi. Ọfà tóbi lórí láàpútọ́ọ̀pù, ó sì kéré lórí aṣọ. Níbo ló ti wá?

Alágbàṣe Pírójẹ́kítọ̀

Ẹ wo Scale. Ẹ lọ sí Settings, System, Display. Òkè níbẹ̀, àpótí 1 àti 2 wà. Ẹ tẹ 1, ẹ wo Scale rẹ̀. Ẹ tẹ 2, ẹ wò ó bákan náà. Láàpútọ́ọ̀pù kékeré sábà máa ń wà ní 150, pírójẹ́kítọ̀ á sì wà ní 100. Windows ń fi Scale sọ ọfà di ńlá pẹ̀lú, ojú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Bí ẹ bá gbé Scale ti 2 sí 150, ọfà á tóbi níbẹ̀ náà, àwọn bọ́tìnnì Excel pẹ̀lú. Ó lè jẹ́ pé ẹ ò ní nílò 5 mọ́, kí ẹ bọ́ sí 4.

Ẹ̀yin kan máa ní kí ẹ kàn lo Duplicate kí gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ ọ̀kan. Ó máa ń ṣiṣẹ́, àmọ́ láàpútọ́ọ̀pù yín á ní láti wálẹ̀ sí iye píksẹ́lì tí pírójẹ́kítọ̀ lè gbé, lẹ́tà á wá di bíi pé wọ́n fi omi pa á lójú tiyín.

Sẹ́gun tí ò mọ pupa

Àǹtí, ẹ tún fọ́tò yà lẹ́yìn tí ẹ bá ti yí Scale padà o. Ẹ má sì yà á láàárọ̀ nìkan, ìgbà tí oòrùn bá ti dé fèrèsé ìwọ̀ oòrùn náà.

Táyọ̀ Ẹlẹ́rọ

Àǹtí Ṣadé, lórí ti Zoom, ohun tí mo gbọ́ ni pé Zoom máa ń fi ọfà ránṣẹ́ lọ́tọ̀ sí àwòrán ojú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ẹni tó ń wò ó ló ń yà á. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó rí kékeré yẹn, bóyá fóònù ni wọ́n fi ń wò ó.

Ṣadé Peckham

Ọ̀kan nínú wọn lo fóònù, ìkejì wà lórí kọ̀ǹpútà bí tèmi gan-an. Màá bi wọ́n léèrè irú Zoom tí kálukú ní, kí n tó padà wá.